Òjò Tó Rọ̀ Láàárín Ọyẹ́

Ẹni tó bá ní ọgbọ̀n sẹ́kọ́ǹdì kò tó nǹkan, kó lọ bi Raheemah. Ọgbọ̀n sẹ́kọ́ǹdì péré ló fi tú àṣírí ẹni tó tọ́ ọ dàgbà, wọ́n sì tún sanwó iṣẹ́ fún un lórí rẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ rò pé ọmọ burúkú ni. Ọmọ tó ń kírun lásìkò ni, tó ń kúnlẹ̀ kí àgbà, tí kì í fọwọ́ kan ohun olóhun. Ọgbọ́n iṣẹ́ ló pọ̀ lórí rẹ̀ ju ọgbọ́n ilé lọ, ìyẹn ni mo rí bá a wí.

Sitúdíò kékeré kan ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Àgọ́-Ìwòyè, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Gbénró ló ni ibẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Gbénró fi sọ̀rọ̀ lórí rédíò kó tó dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ohùn rẹ̀ sì nípọn débi pé bó bá ń ra búrẹ́dì lásán, àwọn èèyàn á dúró gbọ́. Ìpolówó rédíò ni wọ́n ń ṣe: ti ọṣẹ, ti iléèwé, ti àwọn tó ń talẹ̀. Raheemah ló ń kọ ọ̀rọ̀, Gbénró ló ń gbà á sílẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ Tètèdé dé, inú àwọn méjèèjì dùn ṣìnkìn. Tètèdé jẹ́ áàpù báńkì, irú èyí téèyàn ń gbé sórí fóònù, tó fi ń gba owó, tó sì fi ń fi owó ránṣẹ́ láì fẹsẹ̀ kan dé báńkì. Àwọn tó ni ín fẹ́ ìpolówó ọgbọ̀n sẹ́kọ́ǹdì tí yóò bá àwọn oníṣòwò sọ̀rọ̀ nípa àláàtì ayédèrú. Kò sẹ́ni tí kò mọ ìwà náà. Oníbàárà á rajà, á tẹ fóònù rẹ̀ tẹ̀ tẹ̀ tẹ̀, á nà án sí ọlọ́jà lójú pé owó ti wọlé. Nígbà mìíràn, fóònù ọlọ́jà gan-an á dún pé àtẹ̀jíṣẹ́ dé. Ọlọ́jà á di ọjà fún un, á sì ṣàdúrà fún un. Owó ò ní wọlé títí ayé.

Gbénró ní ọ̀nà kan tó fi ń kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe òun ló dá a sílẹ̀, ọ̀nà táwọn onípolówó ti ń tọ̀ tipẹ́ ni. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ìpolówó fi ń dúró. O máa kọ́kọ́ sọ ìṣòro, kí ẹni tó ń gbọ́ lè mọ̀ pé tòun lò ń sọ. Lẹ́yìn náà, o máa tẹ ojú egbò yẹn, kó ta á, kó má lè yí rédíò síbòmíràn. Ìgbà yẹn lo tó máa gbé oògùn sílẹ̀, tí wàá sì dárúkọ rẹ̀. Sẹ́kọ́ǹdì mẹ́jọ fún ìṣòro, mẹ́wàá fún títẹ egbò, méjìlá fún oògùn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti fi púpọ̀ lé ní ọgọ́rin, eré ni ẹni tó ń kà á yóò máa sá.

Raheemah kọ ti àkọ́kọ́, Gbénró kà á sókè, ó wo aago, ó pé ọgbọ̀n géérégé. Ló bá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní ìṣòro dáa, oògùn dáa, àárín ló tẹ́ bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Ohun tí Raheemah kọ síbẹ̀ ni pé, ọjà rẹ lọ, èrè rẹ lọ, inú rẹ bàjẹ́. Gbénró ní ta ni inú rẹ̀ kì í bàjẹ́ láyé yìí? Ó ní kó lọ wádìí ohun tí ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì ń ṣe nígbà tó bá délé, tí kò sẹ́ni tó ń wò ó.

“Egbò ni mo ní kó o wá, Raheemah,” ló wí. “Èyí tó o kọ yìí, ìròyìn egbò ni.”

Ká ní ó ti dákẹ́ níbẹ̀ ni, ìtàn yìí ì bá má wáyé.

Nítorí egbò wà lọ́wọ́ Raheemah, kò tiẹ̀ ní láti rìn jìnnà. Asimawu ni orúkọ obìnrin tó tọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ẹlẹ́ja ní Ibiade, tí gbogbo ọjà ń pè ní Ìyá Hidayah nítorí ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ọkọ ní Abigi. Raheemah ò tíì ju ọmọ ọdún kan lọ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ìyá Hidayah ló gbé e pọ̀n, òun ló fi ẹja yíyan rán an níléèwé dé yunifásítì. Màámi ni Raheemah ń pè é, kò mọ màámi mìíràn.

Ìyá Hidayah yìí ni olórí àwọn ẹlẹ́ja Ibiade. Òun ló máa ń wọkọ̀ ojú omi lọ gba ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja Efire fún ẹgbẹ́, tí wọ́n á yan án, tí wọ́n á tà á fún àwọn tó ń wá láti Ìjẹ̀bú-Òde. Òun náà ló dìde lójú gbogbo wọn lọ́jọ́ kan, tó ní ẹni tó bá gba owó fóònù láìdá a lójú, kó má sunkún wá bá òun o, pé òmùgọ̀ nìkan ni wọ́n ń fi irú ẹ̀ mú. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé, ó múra bí ọmọ ẹni iyì, ó kí i ní salamaleku, ó pè é ní ìyá mi. Apẹ̀rẹ̀ ọ̀bọ̀kún gbígbẹ mẹ́ta tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ ló rà. Fóònù Ìyá Hidayah dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò sówó tó bá a wá.

Kí ló fẹ́ sọ fún ẹgbẹ́? Òun tó ti pe ọmọ ọlọ́mọ lómùgọ̀! Ó ní òjò ló ká òun mọ́ ojú omi bóun ṣe ń gbé ẹja náà lọ fún oníbàárà, pé ó ba apẹ̀rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́, òun sì dà á nù. Inú ọyẹ́ ni o. Inú ọyẹ́ tí ètè ń là, tí eruku ń fò lójú títì. Àwọn obìnrin wo ojú ara wọn, wọ́n wo ojú ọ̀run, wọ́n ní ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Hidayah. Ta ni yóò pe olórí ẹgbẹ́ ní òpùrọ́? Wọ́n gbé e mì, wọn ò sì jẹ́ kó tún jáde. Òun náà ta góòlù ọrùn rẹ̀, ó fi dí ihò owó ẹgbẹ́ náà.

Raheemah nìkan ló sọ òótọ́ fún. Ó wá sílé fún ìsinmi, wọ́n jọ ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé, èéfín ń ta wọ́n lójú, obìnrin náà sì fi èéfín bojú sunkún. Ó ní kì í ṣe ẹja ló ń dun òun mọ́, irọ́ òjò yẹn ni, pé nígbàkígbà tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lọ́jà, ńṣe ni àyà òun máa ń já. Ó ní inú Raheemah lòun sin ín sí. Raheemah ní wallahi, kò ní jáde lẹ́nu òun.

Kò sì jáde lẹ́nu rẹ̀ lóòótọ́. Ọwọ́ ló gbà jáde.

Ọmọ náà jókòó ti kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ Gbénró ń dún létí rẹ̀, ó sì mọ̀ dájú pé kò sí egbò tó jinlẹ̀ tó tòjò yẹn. Ó bá ara rẹ̀ jiyàn díẹ̀. Ó ní òun á sọ ẹja di gààrí, òun ò ní dárúkọ ìlú, òun á fi ọdún kan kún un. Rédíò tí wọ́n fẹ́ lò, àwọn ará Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè ló ń gbọ́ ọ, ta ni yóò gbọ́ ọ ní Ibiade? Bẹ́ẹ̀ lèèyàn ṣe máa ń tan ara rẹ̀ jẹ bó bá fẹ́ jẹ ohun tí kò yẹ kó jẹ. Ó pa gbogbo nǹkan dà, ó fi òjò nìkan sílẹ̀, torí òjò ló gbé ẹ̀mí ọ̀rọ̀ náà ró. Ohun tó kọ rèé:

(Ariwo ọjà.)

OBÌNRIN: Oníbàárà na fóònù sí mi: “Ìyá, owó ti wọlé.” Tèmi náà dún. Mo di àpò gààrí méjì fún un.

OHÙN: Owó ò wọlé.

OBÌNRIN: Mo parọ́ fún gbogbo ọjà. Mo ní òjò ló ba gààrí mi jẹ́. Òjò, láàárín ọyẹ́! Ó di ọdún kẹta báyìí, mi ò tíì lè wojú ẹnikẹ́ni.

OHÙN: Má wo fóònù oníbàárà. Má gba àtẹ̀jíṣẹ́ gbọ́. Ṣí Tètèdé lórí fóònù tìẹ, wo iye tó wà níbẹ̀, kó o tó gbé ọjà sílẹ̀. Tètèdé: ojú ara rẹ ni kó o fi rí i.

Mary, ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ni wọ́n pè wá ṣe ohùn obìnrin náà. Nígbà tó dé ibi òjò, ohùn rẹ̀ gbọ̀n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó gbọ̀n. Gbénró tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá bi Raheemah níbo ló ti rí òjò yẹn. Raheemah ní òun kàn ronú rẹ̀ ni. Àwọn tó ni Tètèdé gbọ́ ọ, wọ́n ní ó wọ àwọn lára, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìpolówó wò, kí wọ́n kọ́kọ́ fi dán àwọn ọlọ́jà wò ná.

Ọjà Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n fi àdéhùn sí, lọ́jọ́bọ̀. Nígbà tí ọjọ́rú fi máa ṣú, ìròyìn dé pé àgbà kan nínú àwọn aṣáájú ọjà náà ti papò dà, wọ́n ti ti ọjà pa láti fi dárò rẹ̀. Gbénró ò fẹ́ sún ọjọ́ síwájú. Ó ní kí wọ́n kúkú máa lọ sí Ibiade, ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja, torí àwọn oníTètèdé ń wá oníbàárà ní gbogbo agbègbè Ogun Waterside tí Ibiade wà bákan náà.

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí Raheemah ti sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni: ọ̀gá mi, ọ̀rọ̀ ìyá mi ni mo kọ. Ìtìjú dí i lẹ́nu. Bó bá sọ ọ́, Gbénró á mọ irú ẹni tóun jẹ́. Ó wá rántí pé ọjọ́bọ̀ ni Màámi máa ń lọ sí Efire, kì í dé títí di ìrọ̀lẹ́, ló bá fi ìyẹn tu ara rẹ̀ nínú. Láti Àgọ́-Ìwòyè dé Ìjẹ̀bú-Òde, láti Ìjẹ̀bú-Òde wọ ọ̀nà ìgbó lọ sí ẹ̀bá omi, kò sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Ó ní orí ń fọ́ òun, òun á jókòó sínú ọkọ̀ bí àwọn bá débẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́, ọmọ wọn dé ọjà wọn, kó wá jókòó sínú ọkọ̀? Ràhmát, ẹlẹ́ja tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló kọ́kọ́ rí i láti ojú fèrèsé. Ó ké, “Raheemah wa rèé o!” wọ́n sì fà á jáde, wọ́n ń fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀, wọ́n ń bi í pé ṣé wọn ò fún un lóúnjẹ ní Àgọ́-Ìwòyè ni. Láti ìdí àtẹ tó wà lópin ìlà, Ìyá Hidayah ń bọ̀, ó ń fi ìdí ìró nu ọwọ́. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ti bàjẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò lè lọ sí Efire. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ ohun tó ń sọ. Ó ra omi fún Gbénró, ó gbé àga wá, ó jókòó ti Raheemah, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí itan.

Raheemah fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ilẹ̀ kì í lanu nígbà téèyàn bá nílò rẹ̀.

Gbénró kì í ṣàlàyé ìpolówó kó tó fi í dánni wò. Á kàn gbé e sí i, á jẹ́ kí wọ́n gbọ́, á wá bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n gbọ́, ibi tó sú wọn, àti orúkọ ohun tí wọ́n ń polówó. Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí àpótí ẹja, ó tẹ̀ ẹ́. Ariwo ọjà kọ́kọ́ jáde, àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín pé ọjà àwọn rèé. Ohùn Mary tẹ̀ lé e. Nígbà tó ní òjò ló ba gààrí òun jẹ́, òjò láàárín ọyẹ́, Ràhmát pàtẹ́wọ́ gbà, ó bú sẹ́rìn-ín, àfi bí ẹ̀rín náà ṣe já sí méjì lẹ́nu rẹ̀.

Ọwọ́ Ìyá Hidayah tó wà lórí itan tutù. Kò kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ìka kọ̀ọ̀kan ló ń tú, títí ọwọ́ Raheemah fi ṣẹ́kù níbẹ̀ lóun nìkan.

Gbénró bi wọ́n pé kí lorúkọ áàpù náà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan ní Tètè kí ni? Gbénró kọ ọ́ sílẹ̀, torí ẹ̀kọ́ gidi nìyẹn: egbò ti gba gbogbo etí wọn, oògùn ò ráàyè wọlé. Ó tún gbé ìpolówó náà sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Gbénró rò pé ara wọn ò yá ni, ó sì fẹ́ dá wọn lára yá. Ó nawọ́ sí Raheemah, ó ní ṣé wọ́n mọ̀ pé ọmọ wọn yìí ló kọ ọ́, gbogbo ẹ̀, láti inú orí ara rẹ̀?

Mo ní kí n má sọ bí ibẹ̀ ṣe rí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ojú ogún obìnrin kúrò lára ilẹ̀, ó bọ́ sára Raheemah, ó sì ti ara Raheemah bọ́ sára Ìyá Hidayah, ó dúró síbẹ̀.  Raheemah mọ̀ pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí kò tíì mọ ohun tóun ṣe, àfi ọ̀gá òun. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì láyà láti nù ún.

Ìyá Hidayah dìde. Ó tún ìborùn rẹ̀ gbé sórí, ó tún un ṣe.

“Èmi ni mo ní kó kọ ọ́,” ló wí.

Ó kọjú sí àwọn obìnrin náà.

“Òjò ò rọ̀ lọ́dún yẹn. Àláàtì ni wọ́n fi mú mi, èmi tí mo pè yín lómùgọ̀. Ẹnu mi ò lè sọ ọ́ fún yín. Mo wá bẹ ọmọ mi pé kó kọ ọ́, kó lè gba orí rédíò dé etí yín.”

Ràhmát ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Dede wa pátá la mọ̀ pé òjò ò rọ̀, Ìyá Hidayah.” Ó wá wolẹ̀, ó ní wọ́n ti mú òun náà lẹ́ẹ̀mejì, pé ọkọ òun ò mọ̀ títí di báyìí. Obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ ní tòun, ẹ̀ẹ̀kan ni. Òmíràn ní ọmọ tòun ni wọ́n mú nígbà tó ń bá òun jókòó ti ọjà. Bí wọ́n ṣe ń tú u síta nìyẹn, tí wọ́n ń di mọ́ ara wọn, tí wọ́n ń ki Ìyá Hidayah pé akọni ni, pé olórí tòótọ́ ló ń fi ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Gbénró fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ṣàlàyé fún wọn pé ẹnikẹ́ni lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ tó jọ ti báńkì ránṣẹ́, pé kí wọ́n ṣí áàpù tiwọn fúnra wọn, kí wọ́n wo owó tó wà níbẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn, bí kò bá tíì lé, kí oníbàárà dúró. Wọ́n gbọ́. Kí wọ́n tó jáde lọ́jà, wọ́n mọ orúkọ Tètèdé bí ẹni mọ orúkọ ọmọ.

Ìyá Hidayah ò wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí Raheemah jókòó sí rárá kó tó gba ilé lọ.

Raheemah bẹ Gbénró fún ogún ìṣẹ́jú, ó sáré lọ sílé. Ó bá Ìyá Hidayah lẹ́yìnkùlé níbi ààrò, ó ń yí ẹja. Ó kúnlẹ̀ sínú eérú. Ó sọ gbogbo ẹ̀, bí Gbénró ṣe ní kóun wá egbò, bóun ṣe sọ ẹja di gààrí, bóun ṣe mọ̀ láti àná pé Ibiade làwọn ń bọ̀ tóun ò sì sọ̀rọ̀. Ó ní kí Màámi na òun. Ó wá béèrè ìdí tí Màámi fi gbà á sórí ara rẹ̀ lójú ọjà.

“Kí n wá sọ lójú wọn pé ọmọ mi tà mí?”

 Raheemah ní òun á yọ òjò náà kúrò nínú ìpolówó, lónìí olónìí, bí wọ́n bá tilẹ̀ máa lé òun kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

“Má yọ ọ́.” Obìnrin náà yí ẹja kan, ó tún yí òmíràn. “Bó o bá yọ ọ́, wọ́n á mọ̀ pé irọ́ ni mo tún pa lónìí. Ọ̀kan ni mò ń gbé tẹ́lẹ̀. Ó ti di méjì báyìí, èyí tuntun náà, ìwọ ni mo rù ú fún. Dìde, eérú ń ba aṣọ rẹ jẹ́.”

Ohùn rẹ̀ ò le. Ìyẹn gan-an ló pa Raheemah. Ká ní ó bú u ni, ká ní ó gbá a létí, ara ì bá tù ú. Ńṣe ló ki ọwọ́ bọ ààrò, ó ṣa àwọn ọ̀bọ̀kún tó dára jù, ó fi bébà wé e fún un bó ṣe máa ń wé e láti ọjọ́ tó ti wà níléèwé, ó ní kó máa lọ, ọ̀gá rẹ̀ ń dúró.

Wọn ò yọ òjò. Gbénró gé gbólóhùn ọdún kẹta kúrò, ó fi sẹ́kọ́ǹdì mẹ́ta tó yọ nínú rẹ̀ dárúkọ Tètèdé níwájú, ọ̀rọ̀ wọlé dáadáa. Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i. Láti ìparí oṣù Ọ̀wàrà ló ti ń lọ lórí rédíò, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, àwọn ọmọdé Àgọ́-Ìwòyè ń fi òjò láàárín ọyẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn. Àwọn tó ni Tètèdé ní kò tíì sí irú ẹ̀, wọ́n fi iṣẹ́ mẹ́rin mìíràn lé wọn lọ́wọ́. Gbénró fi owó kún owó oṣù Raheemah. Bí ìpolówó náà bá ti bẹ̀rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ tàbí ní ṣọ́ọ̀bù, Raheemah á sọ̀ kalẹ̀, á jáde.

Ó ń pe Ìyá Hidayah lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìyá Hidayah ń gbé e. Báwo ni ara, alhamdulillahi. Ọjà ńkọ́, ọjà wà. Ẹja ń wọlé? Ọlọ́run ń ṣe é. Á ṣàdúrà fún un, àdúrà gígùn, tọkàntọkàn, á sì sọ pé ó dàbọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí kò lè sọ fún àlejò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Raheemah lọ sílé, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló jẹun yó, tó gba ẹja bọ̀, tí kò sì gbọ́ nǹkan kan.

Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, Hidayah pè é láti Abigi. Ó rò pé Raheemah ti mọ̀. Ó ní ojú Màámi ti ń san, pé dókítà ní kó máa ro oògùn sí i títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Raheemah ní ojú wo? Báyìí ló ṣe gbọ́ pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú òsì Ìyá Hidayah, pé ó ti ju oṣù mẹ́ta lọ tí ojú náà ti ń ṣókùnkùn, pé ọjọ́ méjì ló sùn sí ọsibítù.

Lójú ẹsẹ̀, ó pe Màámi. Ìyá Hidayah gbé e, ó bi í pé ṣé ó ti jẹun.

“Màámi, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún yín. Ẹ ò pè mí.”



“Mo fẹ́ pè ọ́, ọmọ mi,” ló wí. “Òjò ló ń rọ̀ gan-an níbí lọ́sẹ̀ yẹn. Kò jẹ́ kí fóònù lọ.”

Raheemah wo ìta láti ojú fèrèsé sitúdíò. Eruku ọyẹ́ bo òrùlé ilé gbogbo, ètè òun fúnra rẹ̀ ti là. Ó rántí àwọn obìnrin tó wo ojú ara wọn, tí wọ́n wo ojú ọ̀run.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Màámi,” ló wí.